Eèrà Ló Kọ́kọ́ Sọ Fún Mi

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá àwọn ọmọ mi bi mí pé, "Bàbá Délé, kí ló dé tí eèrà ń bo ibi tẹ́ ẹ tọ̀ sí lẹ́yìn ilé?" Mo fi rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti ń dìde tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru, òùngbẹ ò jẹ́ kí n gbádùn, ṣòkòtò mi sì ń já bọ́ nídìí.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, láìtíì jẹun, wọ́n gún mi níka, ẹ̀rọ ka 214 mg/dL. Nọ́ọ̀sì ní ti ẹni tí kò ní àrùn kì í sábà kọjá 100 kó tó jẹun. Tó bá ti tó 126 sókè, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò tó rí bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ni.

Ó wá tú ọ̀rọ̀ eèrà fún mi. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Ṣúgà tó bá bá omi jáde, ó máa ń kó o padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 180, kò lè kó gbogbo rẹ̀ padà mọ́. Èyí tó kù á bá ìtọ̀ lọ, á sì fa omi ara dání. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń pọ̀, tí òùngbẹ fi ń gbẹni, tí eèrà fi ń wá jẹ tirẹ̀.

Wọ́n fún mi lóògùn, mo sì pa ṣúgà tì. Tíì mi di kíkorò. Ògì ni mò ń mu láàárọ̀, oyin ni mo sì ń fi sí i, torí mo gbà pé oyin kì í ṣe ṣúgà. Mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ ka 198! Inú bí mi. Mo ní ṣebí mi ò fi ẹnu kan ṣúgà.

Nọ́ọ̀sì ní kí n ra ẹ̀rọ kékeré, kí n máa yẹ ara mi wò kí n tó jẹun, kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó jẹ́ 142. Mo mu ọpọ́n ògì kan pẹ̀lú ṣíbí oyin méjì. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó di 267. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́ 139. Mo jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja, láìfi gàrí sí i. Ó dúró sí 171.

Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹnu nìkan ló mọ̀ pé ògì kò dùn. Tó bá ti dé inú, ara á sọ ọ́ di ṣúgà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀bà, àmàlà àti ìrẹsì. Ògì tún yára jù, torí a ti lọ̀ ọ́, a ti sẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Ẹ̀wà ní èèpo, kì í tètè dà, díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà rẹ̀ ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ní ti oyin, ṣúgà ni, oyin ló kàn ń jẹ́. Ínsúlínì tí ara ń ṣe ló yẹ kó ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Tèmi ò ṣílẹ̀kùn dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi ń rù, tí ṣúgà sì kún inú ẹ̀jẹ̀ mi.

Mi ò pa ẹ̀bà tì o. Mo dín in kù sí ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ mi, ẹ̀fọ́ ló wá pọ̀ jù nínú abọ́.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni ti ẹsẹ̀. Mo rìn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán pẹ̀lú òkúta nínú bàtà, mi ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí lórí ẹní ló ta mí lólobó. Ṣúgà tó bá pẹ́ lókè nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba àwọn iṣan tí a fi ń mọ ìrora jẹ́, ẹsẹ̀ ló sì sábà ń bẹ̀rẹ̀ sí. Ó tún ń ba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ jẹ́, egbò kì í wá tètè jinná. Ọ̀sẹ̀ méje ni tèmi gbà, pẹ̀lú wíwẹ̀ ẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ní báyìí, mo máa ń gbọn bàtà kí n tó wọ̀ ọ́. Lálaalẹ́, mo máa ń fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo sì ń wo àárín ọmọ ìka.

Tí a bá ń sọmọ lórúkọ, mo ṣì ń fi oyin kan ẹnu, ìwọ̀n orí ìka. Èyí tó kù, ẹ gbé e fún ìyá ọmọ. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá rí eèrà níbi tẹ́ ẹ tọ̀ sí, ẹ má fi rẹ́rìn-ín bíi tèmi.