Lẹ́tà tí a kọ ránṣẹ́ sódì kejì ẹnubodè

Lẹ́tà kan ṣoṣo dójú ti àwa tíṣà tí a fi Faransé kọ́ṣẹ́. A kọ̀wé sí iléèwé kan ní Nàìjíríà pé: "The new timetable will effect our pupils." Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ tuntun yóò kan àwọn ọmọ wa. Ohun tí a kọ ni pé òun ni yóò mú wọn wá sáyé! "Affect" ló yẹ: ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ó ń kan ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀. "Effect" sábà jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, àbájáde, bíi "effet" Faransé. Bó bá di ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ń mú ohun tí kò sí ṣẹlẹ̀: "to effect a change". "Affect" náà ń di ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́nu àwọn dókítà ọpọlọ: ìmọ̀lára tó hàn lójú aláìsàn.

Nísinsìnyí, a kọ́kọ́ ń bi ara wa: ṣé nǹkan náà ti wà tẹ́lẹ̀? Bó bá ti wà, "affect" ni. A tún lẹ́tà náà kọ.