Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ Lára Ògiri, Ìyókù Lẹ́nu Olùsọ̀rọ̀

Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìpàdé iṣẹ́ àkànṣe kan rí ní abúlé, ó ti mọ irú síláìdì tí mò ń sọ yìí. Àkọlé gígùn á wà lókè, àmì àwọn tó fowó sílẹ̀ á wà nísàlẹ̀, gbólóhùn mẹ́jọ á há sáàárín, lẹ́tà rẹ̀ á sì rí wínniwínni bíi ti ìwé inú páálí oògùn. Iṣẹ́ mi ni láti máa gbé irú síláìdì bẹ́ẹ̀ káàkiri Akínyẹlé, Làgelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ọ́fíìsì á kọ ọ́, wọ́n á fi ránṣẹ́, èmi á gbé kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀ kékeré lọ sí Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà tàbí Akànrán. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé síláìdì náà kí n tó kúrò nílé. Ọ̀nà tí mò ń gbà gé e ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan ṣoṣo. Ó dá lórí Aflasafe, ohun tí àwọn onímọ̀ IITA níbí ní Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ṣe láti dín májèlé àfílátọ́síìnì kù nínú àgbàdo àti ẹ̀pà. Síláìdì náà ṣàlàyé ohun tí àfílátọ́síìnì jẹ́, olú kéékèèké tó ń mú un wá, bí Aflasafe ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n tí éékà kan ń fẹ́, ìgbà tí a ó fọ́n ọn, irú ilẹ̀ tí a ó fọ́n ọn sí, àti bí a ó ṣe sá àgbàdo lẹ́yìn ìkórè. Irọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé lójú ògiri, gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó mọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹ ó rí i tí ètè wọn ń mì. Bí wọ́n ti ń kà á, wọn kò gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ mọ́, torí ọ̀rọ̀ kíkà àti ọ̀rọ̀ gbígbọ́ ń jà sí àyè kan náà nínú orí. Àwọn tí kò mọ̀wé á gbé ojú kúrò, wọ́n á máa wo ilẹ̀ tàbí fóònù. Olùsọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ á kẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, á máa ka ògiri. Bí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé n kì í pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń gé láti ojú síláìdì, tí mo sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè tí Páwápọ́íǹtì ń pè ní `Notes` nísàlẹ̀. Bí mo bá tẹ `Windows+P`, tí mo yan `Extend`, tí mo wá fi `Alt+F5` bẹ̀rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà mi á máa fi àlàyé náà hàn mí, ògiri á sì máa fi síláìdì nìkan han àwọn èèyàn.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi ara mi pé: nínú gbogbo èyí, kí ni ojú gbọ́dọ̀ rí? Kí ni etí lè gbà? Síláìdì kan yẹn di mẹ́ta.

Èkíní jẹ́ àwòrán àgbàdo méjì, ọ̀kan bu, ìkejì mọ́ tónítóní. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju «Èwo ló ní májèlé?» lọ. Gbogbo èèyàn á nawọ́ sí èyí tó bu. Èmi á wá sọ fún wọn pé ojú kò lè rí àfílátọ́síìnì, pé èyí tó mọ́ yẹn náà lè ní in. Bí síláìdì bá ti kọ ìdáhùn sílẹ̀, ta ni yóò nawọ́?

Èkejì jẹ́ àwòrán hóró Aflasafe lórí ilẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì: «Olú rere». Ẹnu mi ló ń ṣe ìyókù. Hóró ọkà bàbà ni, wọ́n ti pa á, kò lè hù mọ́. Olú tí kò lè ṣe májèlé ni wọ́n fi bò ó lára. Bí a bá fọ́n ọn sóko, olú rere yìí á gba ilẹ̀ kí olú burúkú tó débẹ̀. Bàbá kan ní Ẹgbẹ́dá gbà á lẹ́nu mi pé, «Àbí ó dà bí ìgbà tí èèyàn rere bá tètè kún ilé, tí olè kò ráyè wọlé!» Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àlàyé rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta nìkan ni mo fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ díẹ̀ sí: «Kílò 4, éékà 1. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbàdo tó yọ òdòdó.» Wọ́n bi mí ní ọ́fíìsì pé ṣé kò yẹ kí n pín in sí méjì, kó lè kúrú bíi ti àwọn yòókù. Rárá o. Àwọn èèyàn máa ń ya àwòrán ògiri, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn lórí Wasáàpù. Bí «Kílò 4, éékà 1» bá dá lọ, ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè fọ́n ọn lọ́jọ́ tó gbin àgbàdo, owó rẹ̀ á sì ṣòfò. Ìwọ̀n àti ìgbà kò gbọ́dọ̀ pínyà. Ohun tí ìpínyà rẹ̀ lè ṣi èèyàn lọ́nà, ojú síláìdì kan náà ni kó wà, bó ti wù kó gùn tó. Pé kí ilẹ̀ tutù kí a tó fọ́n ọn, ẹnu ni mo fi ń sọ ìyẹn, torí bí wọ́n bá ti gbọ́ pé olú ni, àwọn fúnra wọn ló máa ń parí rẹ̀ fún mi.

Àgbàdo sísá ńkọ́? Ìyẹn kò ní síláìdì rárá. Màá tẹ `B` lórí kọ̀ǹpútà, ògiri á ṣú, gbogbo ojú á padà sọ́dọ̀ mi. Màá mú ìgò tó gbẹ, màá da àgbàdo sí i dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀, màá bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, màá dé e, màá sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. A ó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tíì gbẹ tó láti kó pamọ́. Ìyá alágbàdo kan á gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á fi han ẹnìkejì rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin ni ọ́fíìsì fi ṣàlàyé èyí tẹ́lẹ̀.

Nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ila díẹ̀ ni babaláwo ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rósùn lórí ọpọ́n. Ẹsẹ Ifá tó gùn, orí rẹ̀ ló wà. Ila náà ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún un, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ìdí nìyẹn tí ọpọ́n kò fi wúlò lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ Ifá.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu síláìdì kúkúrú wà. Bí ara mi kò bá yá, tí wọ́n rán ẹlòmíràn lọ sí Akànrán, «Olú rere» kò ní sọ nǹkan kan fún un àfi tó bá ka `Notes`. Torí náà, fáìlì méjì ni mo máa ń fi sílẹ̀: èyí tí a ń sọ̀rọ̀ sí, àti ìwé ojú kan tí gbogbo àlàyé wà nínú rẹ̀, tí a ń pín lẹ́yìn ìpàdé. Ọ̀gá tó fẹ́ rí gbogbo ọ̀rọ̀ á rí i nínú ìwé náà. Bí mo bá pín in ṣáájú, wọ́n á tún máa kà á nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Kí n tó kúrò nílé, mo máa ń dán ara mi wò: màá pa kọ̀ǹpútà, màá sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi. Ibi tí mo bá ti kọsẹ̀, n kì í dá ọ̀rọ̀ padà sójú síláìdì, èmi ni mo máa ń lọ kọ́ ọ sí i. Nígbà tí ìpàdé bá sì parí, n kì í béèrè pé «Ṣé ó yé yín?», torí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé á ní. Màá tẹ `B`, màá ní kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá sọ iye kílò tí yóò rà fún éékà méjì, àti ìgbà tí yóò fọ́n ọn. Bó bá sọ kílò 8 àti ọ̀sẹ̀ tó yẹ, ó yé e nìyẹn. Bí kò bá rí i sọ, ìpàdé kò tíì parí.