Ṣé Òṣùpá Yóò Ràn Lálẹ́ Ọjọ́ Náà?

Bí ayẹyẹ alẹ́ bá ti ń sún mọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ìbéèrè kan kì í jẹ́ kí n sinmi: ṣé òṣùpá yóò ràn lálẹ́ ọjọ́ náà? Ó wù mí kí èèyàn lè dáhùn rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òjìji ayé ló ń gé òṣùpá kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oṣù bá pé ọjọ́ méje, ẹ bọ́ síta ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ìdajì òṣùpá á wà níhà ìlà-oòrùn, oòrùn fúnra rẹ̀ á sì wà níhà ìwọ̀-oòrùn. Ẹ na ọsàn kan sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá náà: ibi tí oòrùn mọ́lẹ̀ sí lára ọsàn ló mọ́lẹ̀ sí lára òṣùpá. Ìdajì òṣùpá ni oòrùn ń tàn sí nígbà gbogbo. Ibi tí òṣùpá bá dé lójú ọ̀nà rẹ̀ yí ayé ká ló ń pinnu ìwọ̀n tí ojú wa ń rí nínú ìdajì yẹn.

Ní Ìlá, oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé máa ń nà sílẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, ìwo rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè. Nínú àwòrán àwọn ará Yúróòpù, ńṣe ló máa ń dúró lóòró. Ilẹ̀ wa kò jìnnà sí agbede-méjì ayé, nítorí náà oòrùn ń wọ̀ gbọnrangandan, òṣùpá sì wà lókè rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ní 29 oṣù Mẹ́ta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn lójú wa ní Nàìjíríà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí òṣùpá bá wà láàárín ayé àti oòrùn, ni ìṣírò ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gba nǹkan bí ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀ kó tó tún padà síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 19, ọjọ́ oṣù àti ọjọ́ òṣùpá tún máa ń bára mu: 29 oṣù Mẹ́ta ọdún 2025 tún jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ní kété kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ fi ọjọ́ méje kún un, ó di 5 oṣù Kẹrin: ìdajì. Ẹ fi bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún 29 yẹn, ó di 13 oṣù Kẹrin: òṣùpá kíkún, tó ń yọ nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́ kó tó yọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú 50.

Ṣùgbọ́n ìṣírò yìí kò sọ ìrọ̀lẹ́ tí ojú yóò kọ́kọ́ rí oṣù. Ní ìrọ̀lẹ́ 29 yẹn, oṣù kò tíì pé wákàtí mẹ́jọ nígbà tí oòrùn wọ̀ ní Ìlá. Ó sábà máa ń kọjá wákàtí 15 kí ojú lásán tó lè rí i.

Ẹni tó bá pé ọdún 19, 38 tàbí 57 lónìí, irú òṣùpá tó wà lójú ọ̀run lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ló máa rí lálẹ́ òní, bí ó bá tiẹ̀ yàtọ̀, kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ.