Kí nìdí tí mo fi ń wú ikùn bí aláboyún kí n tó gbé irin?

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ní ìbéèrè yìí lábẹ́ fídíò jíìmù mi, ẹ jókòó, ìdáhùn yín rèé. Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 ṣàlàyé rẹ̀. Kò sí ará Fẹ́sítákì tí kò mọ̀ ọ́n, mẹ́ruwà ń gbé e gun àtẹ̀gùn wa lójoojúmọ́. Tó bá kún, kìlógírámù 25 ni.

2/ Ká ní ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, tó sì fi sẹ̀ǹtímítà 40 jìnnà sí ìsàlẹ̀ eegun ẹ̀yìn yín. Iṣan tó ń fa ẹ̀yìn nàró fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 péré wà lẹ́yìn eegun náà. 25 lọ́nà 40 jẹ́ 1,000. Ẹ pín in sí ọ̀nà 5, ó di 200. Nítorí kẹ́ẹ̀gì kìlógírámù 25, iṣan ẹ̀yìn yín ń fà bí ẹni gbé 200! A ò tíì ka ìwúwo orí àti àyà yín mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá sún un mọ́ra dé sẹ̀ǹtímítà 20, ó já sí 100. Ìdí nìyẹn tá a fi ń jẹ́ kí irin fẹ́rẹ̀ẹ́ ha wa lójúgun.

3/ Láàárín egungun ìhà àti ìbàdí, eegun ẹ̀yìn 5 ló tò léra wọn níbẹ̀. Kò sí eegun kankan níwájú wọn, ikùn rírọ̀ lásán ni. Ẹ wo piọ́ wọ́tà. Èyí tó kún dáadáa, ẹ lè to òmíràn lé e lórí, kò ní yẹ̀. Ẹ fa omi díẹ̀ nínú rẹ̀, ó máa ká lulẹ̀. Omi kọ́ ló le, ọ̀rá tó fún mọ́ omi náà ló jẹ́ kó le.

4/ Ohun tí ikùn wa ń ṣe náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá mí sínú, iṣan pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró á sọ̀ kalẹ̀, á tẹ ohun tó wà nínú ikùn. Tí iṣan iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ ìbàdí bá le lẹ́ẹ̀kan náà, kò síbi tí ohun inú ikùn máa sá sí. Ìfúnpá á pọ̀ nínú ikùn, eegun ẹ̀yìn á dúró gbọn-in.

5/ Bá a ṣe ń ṣe é: ẹ fi àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lábẹ́ ìhà. Ẹ mí sínú títí ẹ̀gbẹ́ á fi ti àtàǹpàkò síta. Ẹ wá mú ikùn le bí ìgbà téèyàn fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ́. Ẹ sé èémí, ẹ gbé e. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ibi tó le jù, ẹ tú u díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú “sss”. Ẹ mí tuntun kẹ́ ẹ tó gbé e lẹ́ẹ̀kejì.

6/ Adijat Ọláríńoyè gba góòlù fún Nàìjíríà ní Bámíńgámù lọ́dún 2022, ní ìsọ̀rí kìlógírámù 55. Irin kìlógírámù 111 ló gbé sókè orí, ìlọ́po méjì ìwúwo ara rẹ̀! Ẹ wo fídíò irú eré bẹ́ẹ̀: tí irin bá ti dé èjìká, wọ́n máa ń tún èémí mí kí wọ́n tó jù ú sókè.

7/ Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé kò dáa: èjìká yín gòkè nígbà tẹ́ ẹ mí, afẹ́fẹ́ dúró sí àyà nìyẹn. Ẹ fa ikùn wọlé kó lè rẹwà nínú fídíò, piọ́ wọ́tà ti jò nìyẹn o. Tàbí kí ẹ̀yìn tẹ̀ kóló ní kété tí irin kúrò nílẹ̀.

8/ Bẹ́líìtì ńkọ́? Àwọn alábàárù ọjà Àgbójú tó ń so ọ̀já mọ́dìí ṣinṣin mọ ìdí rẹ̀. Ògiri ni, kí ikùn lè rí nǹkan tì. Tí ikùn ò bá tì í, aṣọ lásán ni.

9/ Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Èémí tá a sé ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè gan-an. Lọ́dún 1985, àwọn olùwádìí ní Kánádà wọ̀n ọ́n nínú òpó ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ ti irin wúwo: ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 320/250. Ó ń wálẹ̀ kíá tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ìpá, aláboyún, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún kò gbọ́dọ̀ sé èémí láìkọ́kọ́ rí dókítà. Kí wọ́n gbé èyí tó fúyẹ́, kí wọ́n máa mí jáde bí wọ́n ṣe ń gbé e. Tójú bá ń ṣú yín, ẹ gbé irin sílẹ̀, ẹ jókòó.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì nílé yín.