Ẹní Ọmọ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹní Ìyá

Ní Ṣábẹ, ẹ̀gbẹ́ ìyá ni ọmọ tuntun ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ni a bá a, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀: ọmú wà nítòsí, àwọ̀n ẹ̀fọn kan náà ló bo àwọn méjèèjì, bí ọyẹ́ bá sì dé, ara ìyá ni ọmọ fi ń móoru. Ṣùgbọ́n orí ẹní ni àwọn ìyá wa àgbà ń sùn. Lónìí, tìmùtìmù onífóòmù ti gba ipò ẹní ní ọ̀pọ̀ yàrá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Fóòmù a máa tẹ̀ síhà ẹni tó wúwo. Ọmọ lè yí lọ sábẹ́ apá ìyá, tàbí kí ojú rẹ̀ rì sínú ohun rírọ̀. Ọrùn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin kò lágbára tó láti gbé imú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kò sì ní lè ké tí ìyá yóò fi jí. Ìrọ̀rí, aṣọ ìbora nínípọn àti àlàfo tó wà láàárín ibùsùn àti ògiri lè ṣe ohun kan náà. Ewu yìí pọ̀ sí i bí òbí bá mu sódábì tàbí sìgá, bí ó bá lo oògùn tó ń kun ènìyàn lóorun, tàbí bí a bá bí ọmọ láìpé oṣù. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú lóru, ẹnu a máa yá láti pè é ní àbíkú.

Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà tún gbà àwọn òbí níyànjú pé kí ọmọ sùn nínú yàrá wọn fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó kéré tán, ṣùgbọ́n lórí ibùsùn tirẹ̀. Nígbà tí a sọ ọ́ fún ìyá wa, wọ́n ní, “Ọmọ tuntun kì í dá sùn.” A dáhùn pé kò ní dá sùn, ọwọ́ wa yóò máa tó o.

A tẹ́ ẹní líle sílẹ̀, a fi aṣọ kan ṣoṣo bò ó dáadáa, a sì ta àwọ̀n tirẹ̀, a ki etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní kí ẹ̀fọn àti kòkòrò ilẹ̀ má baà wọlé. Kò sí ìrọ̀rí níbẹ̀. Oorun ọ̀sán ni a fi bẹ̀rẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni oorun àkọ́kọ́ alẹ́. Ìdí ọmọ ni a ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, orí tẹ̀ lé e, kí ó lè dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀yìn. A fi ọwọ́ sí i láyà títí ó fi dákẹ́. Bí ó bá mu ọmú tán lóru, a dá a padà sí ẹní rẹ̀. Lórí àga onítìmùtìmù a kì í fún un lọ́mú lóru, nítorí bí oorun bá gbé ìyá lọ níbẹ̀, ewu rẹ̀ ju ti ibùsùn lọ. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni a ń fọwọ́ kàn láti mọ̀ bóyá ooru mú un: bí ó bá làágùn, a bọ́ aṣọ kan kúrò.

Ní alẹ́ kẹsàn-án ó sùn síbẹ̀ mọ́jú, àyàfi ìgbà tó jí mu ọmú. Ìyá wa ti tẹ́ ẹní tiwọn sí òdìkejì.