Kì Í Ṣe Ọdún Méjìlá Ló Dùn Ún

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ lórí iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, arákùnrin kan nínú ìjọ wa níbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Ẹni ọdún 47 ni, pákó ló ń tà, ọmọ méjì ló ní. Ó ti wọ ọ̀kan nínú àwọn ápù tí wọ́n ti ń wá ọkọ tàbí aya. Ó ní, "Dádì, gbogbo wọn ló ń béèrè ọjọ́ orí mi. Bí mo bá ti sọ ọ́, wọn ò ní fèsì mọ́. Ṣé kí n yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni?" (Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín, kí n ṣáà má dárúkọ òun.)

Mi ò lè bá a wí, torí pé èmi náà ti ṣe é rí. Ọdún 1997 ni, kò sí ápù, lẹ́tà la fi ń tọrọ. Arábìnrin kan láti Ibiade, lápá Ògùn Wọ́tásáìdì, ń kàwé ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòye, èyí tí a ṣì ń pè ní Ògùn Sìtéètì nígbà náà. Ọmọ ọdún 24 ni. Ọmọ ọdún 36 ni mí. Nínú lẹ́tà mi kejì, mo kọ ọ́ pé 31 ni mí. Mo rò ó pé ọdún méje ò ní bà á lẹ́rù bíi méjìlá, àti pé tí ìfẹ́ bá ti wọlé tán, máa ṣàlàyé.

Mi ò rí àyè ṣàlàyé kankan. Ọjọ́ tí mo lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ gbé omi fún mi, ó bi mí léèrè tẹ̀rín tẹ̀rín pé, "Régbérégbé wo lẹ wà?" Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀bú, ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí ni régbérégbé, àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mélòó kan síra wọn ló ń wà nínú ọ̀kan, àwọn náà lẹ ń rí nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá ní Ojúde Ọba. Mo fi ìgbéraga dárúkọ ẹgbẹ́ mi. Bàbá náà fọwọ́ kà á díẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wò mí. Ẹ̀rín tán.

Ohun tí arábìnrin náà sọ fún mi nígbà tó sìn mí dé ibùdókọ̀ ò kúrò létí mi títí dòní. Ó ní, "Kì í ṣe ọdún méjìlá ló dùn mí, ọdún márùn-ún tí ẹ gé kúrò níbẹ̀ ló dùn mí. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ẹ tún gé." Ó gbà wá ju ọdún kan lọ kí ilé wọn tó tún gbà mí lálejò. Nǹkan tí mo rò pé mo fi ń dín ìbéèrè kù ló sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún.

Mo sọ ìyẹn fún arákùnrin wa, a wá ṣí fóònù. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé 40 ni ápù náà kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Ó búra pé òun ò purọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a ṣí i, kò sì bi í léèrè, ó kan tẹ ọjọ́ ìbí kan síbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èyí gan-an. Ọjọ́ ìbí tí ẹ bá tẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń wọlé ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí yín, bí ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn fúnra rẹ̀ yí i padà bó ṣe wù ú. Àwọn obìnrin tó ń wò ó náà sì ti sọ fún ápù pé láti ọjọ́ orí báyìí dé báyìí làwọn fẹ́ rí. Ẹni tó ní òun ò fẹ́ ju 42 lọ, wọ́n ń fi arákùnrin wa hàn án nítorí 40 èké yẹn. Tó bá wá sọ fún un nínú ìsọ̀rọ̀ wọn pé 47 ni òun, ṣé ó yẹ kó yà á lẹ́nu pé kò fèsì mọ́? Kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń lé wọn. Ní ojú tiwọn, wọ́n ti mú un nínú irọ́. A pa ojú ewé yẹn rẹ́, a ṣí òmíràn pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an.

Ó ku báyò, ìyẹn àwọn ìlà díẹ̀ tí èèyàn fi ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: "Ọjọ́ orí ò já mọ́ nǹkan kan. Mo ṣì le bí ọmọ ogún ọdún." Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ọjọ́ orí ò já mọ́ nǹkan fún, kí ló dé tó fi í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ? Obìnrin tó bá ka ìyẹn, ohun méjì ló máa rò: ó ń fi nǹkan pa mọ́, tàbí ọmọdé ló ń wá. A jọ tún un kọ báyìí:

"Ẹni ọdún 47. Ìyàwó mi ti di olóògbé. Mo ní ọmọ méjì, 15 àti 11, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń gbé, pákó ni mò ń tà. Mò ń wá ẹni ọdún 33 sí 48 tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó."

Ó ṣe é bí ẹni pé kí a yọ 48 yẹn, kó parí sí 38. Mo ní rárá, àfi tí kò bá lè fẹ́ ẹni ẹgbẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ọkùnrin 47 tó bá kọ pé 21 sí 30 lòun ń wá ti sọ púpọ̀ nípa ara rẹ̀ kó tó lanu. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun kan náà ló máa tẹ̀ sínú ápù, kó má kọ 48 sí báyò kó wá lọ fi ààlà sí 35 níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti rí i.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, tíṣà kan láti apá Àbígí kọ̀wé sí i. Ẹni ọdún 34. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilé ìwé, wọ́n sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹta ni ìbéèrè dé: "Ẹ má bínú sà, ọdún 13 lẹ fi jù mí. Kí ló dé tí ẹ ò wá ẹni ẹgbẹ́ yín?"

Ó ti kọ èsì kó tó pè mí: "Ìfẹ́ kì í ka ọdún." Mo ní kó pa á rẹ́. Obìnrin yẹn ti ka ọdún tirẹ̀, ó sì fi iye rẹ̀ síwájú rẹ. Bó o bá ní ọdún kì í ṣe kíkà, o ti pè é ní òmùgọ̀. Ó tún fẹ́ kọ àlàyé gígùn nípa bí àwọn bàbá wa ṣe ń fẹ́yàwó. Ìyẹn náà burú. Ìbéèrè ìlà kan tó bá gba èsì ojú ewé mẹ́ta máa ń dà bí ẹjọ́ ni. Ohun tó fi ránṣẹ́ níkẹyìn nìyí:

"Òótọ́ ni, ọdún 13 ni. Mi ò dìídì wá ẹni tó kéré sí mi, 33 sí 48 ni mo kọ. Ìsọ̀rọ̀ yín ló wù mí. Èwo gan-an ló ń kọ yín lóminú nínú ọdún 13 yẹn?"

Ìbéèrè tó wà nígbẹ̀yìn yẹn ló ṣiṣẹ́ jù, torí pé ẹni tó ń béèrè ọjọ́ orí sábà máa ń ní ohun mìíràn lábẹ́ ahọ́n. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé opó lòun máa dà. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé wọ́n á máa pàṣẹ fún òun bí ọmọ. Ní ti tíṣà yìí, ọmọ ni. Ó fẹ́ bí méjì, ó kéré tán. Arákùnrin wa wá jókòó ṣírò: bí wọ́n bá fẹ́ra lọ́dún tó ń bọ̀, tí ọmọ dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun máa jẹ́ ẹni ọdún 49. Nígbà tí ọmọ náà bá pé 18 tó fẹ́ wọ yunifásítì, bàbá ti di 67, ìyá jẹ́ 54. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i bó ṣe rí, pẹ̀lú pé òun ò dá a lójú pé òun lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò ní ṣeé ṣe. Ó dun arákùnrin wa, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ gbà, kì í ṣe ọdún méjì pẹ̀lú ìdáná.

Bí obìnrin bá ló jù ọkùnrin lọ, ìbéèrè náà máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Arábìnrin kan ní Àgọ́-Ìwòye, ẹni ọdún 39, bá ọkùnrin ẹni ọdún 31 pàdé. Ọ̀rọ̀ kejì tí ìyẹn sọ ni: "Ṣé ẹ ṣì lè bímọ?" Inú bí i, ó fẹ́ rán èébú sí i. Ìyàwó mi ló gbà á nímọ̀ràn, ohun tó sì ní kó kọ ni: "Ẹni ọdún 39 ni mí bí ẹ ṣe rí i. Ó wù mí láti bímọ. Ọ̀rọ̀ dókítà, ó di ìgbà tí a bá ti mọ ara wa." Ibẹ̀ ni ààlà wà. Iye ọdún yín, ẹ jẹ ẹni náà ní gbèsè rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ìwé ilé ìwòsàn yín àti owó tó wà ní báǹkì, ẹ ò jẹ ẹ́ ní ìyẹn. Ọkùnrin yẹn tọrọ àforíjì, wọ́n ṣì jọ ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní yunifásítì, tiyín yàtọ̀. Bí ẹni ọdún 50 bá kọ̀wé sí ọmọ 19, tó ní "o gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ lọ," tó tún ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sí èsì tó dára ju pé kẹ́ ẹ dí i pa lọ. Bí fọ́tò ò bá bá ọdún tó kọ mu, ẹ bi í ní ọdún tó jáde sẹ́kọ́ńdírì. Ẹni tó ń parọ́ máa ń ṣírò kó tó dáhùn. Ẹni tí kò tíì pé 18 ò sì yẹ kó wà níbẹ̀ rárá, torí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ò fàyè gba ìgbéyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tó bá sì mọ̀ tó ṣì ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ mú un wá bá mi.

Arákùnrin wa ti padà sórí ápù. Ẹni ọdún 43 kan láti Ìjẹ̀bú-Òde ló ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, ọmọ kan ló ní. Lálẹ́ àná, ó béèrè ohun tí ọmọbìnrin ẹni ọdún 15 máa pe òun, ṣé Àǹtí ni àbí Mọ́mì. Arákùnrin wa ní òun máa kọ́kọ́ bi ọmọ náà.

Ìyàwó mi ti ka èyí kí n tó gbé e síta. Ó ní kí n fi kún un pé ẹni ọdún 64 ni mí, kẹ́nikẹ́ni má baà fi fọ́tò tó wà lókè yẹn ṣe ìdíwọ̀n, torí pé ó ti pẹ́.