Àmì Tí Ó Bọ́, Lẹ́tà Tí Ó Kù

Ire-Àkárí ni orúkọ àdúgbò tí mo ń gbé ní Ìsọlọ̀. Bí a bá kọ orúkọ náà láìsí àmì ohùn, kò sí ẹni tí yóò ṣì í mọ̀, nítorí pé àwọn lẹ́tà rẹ̀ kò yí padà. Lẹ́tà tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni Ṣ. Ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 fi ìdí àmì abẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí àmì náà bá bọ́, akọ̀wé kan a kọ S lásán, òmíràn a sì fi H tì í. Báyìí ni Adéṣínà, orúkọ ìdílé wa, ṣe di Adesina níhìn-ín, tí ó sì di Adeshina lọ́hùn-ún. Orúkọ kan ni etí wa gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ka lẹ́tà méje nínú ọ̀kan, ó ka mẹ́jọ nínú èkejì.

Èmi gan-an ni mo ṣe àbúrò mi ní àṣìṣe yìí. Adeshina ni ó wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀. Nígbà tí mo ń bá a kọ fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣekágbá girama, mo yọ H kúrò, mo ní olùkọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ kọ Yorùbá bí Òyìnbó. Mo gbàgbé pé ẹ̀rọ kò ní bá mi fi àmì sí abẹ́ S tí ó kù.

Ọ̀ràn náà kò hàn títí ó fi fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba. Àkáǹtì báńkì àti ìwé ìrìnnà rẹ̀ ń jẹ́ Adeshina, ìwé ẹ̀rí ìdánwò rẹ̀ ń jẹ́ Adesina. Owó rẹ̀ wà lórúkọ kan, ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lórúkọ kejì. Wọ́n bi í pé ta ni ó ni ìwé ẹ̀rí náà.

Ìwé ìrìnnà ni a fi ṣe òpó. Ìlà méjì tí ẹ̀rọ ń kà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé àwòrán rẹ̀ kò gba Ṣ: A dé Z, 0 dé 9 àti àmì < nìkan ni wọ́n ń gbà, àyè 44 sì ni ìlà kọ̀ọ̀kan ní. Àbúrò mi búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni Adesina àti Adeshina, a sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Nínú fọ́ọ̀mù físà, ó kọ Adeshina sí àyè orúkọ, ó sì kọ Adesina sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ mìíràn tí ènìyàn ti jẹ́ rí. Ìwé ìbúra náà kò yí ìwé ẹ̀rí ìdánwò padà. Ńṣe ni ó so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ó rí físà gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọdún náà ti fò ó kọjá.

Láti ìgbà náà, kí n tó fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ fún ìdánwò, mo máa ń gba ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀. Èmi a fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òun a sì máa pè é síta láti inú fọ́ọ̀mù. Nínú àròkọ, Adéṣínà ni mo fẹ́ rí, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù, ohun tí ìwé ìbí wí ni abẹ gé. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé àkọ́kọ́ ni kí a wò kí a tó kọ orúkọ náà sínú ìwé kejì.